Ìyá ọmọ ní kí n wò ó bóyá àṣìṣe wà nínú iṣẹ́ àṣetiléwá, mo ní ó dára. Kí ni kí n wá sọ fún un báyìí?

TísàAdó

Ẹ kú àṣálẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Adó-Èkìtì níbí ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní lẹ́sìnnì ilé. Ìṣirò gan-an ni iṣẹ́ mi, àmọ́ bí òbí bá ti gbà ọ́ sílé tán, kò sí ohun tí wọn kì í bi ọ́. Lálẹ́ Ọjọ́rú tó kọjá, nǹkan bí aago mẹ́sàn-án àbọ̀, ìyá ọmọ kan tó wà ní praìmárì fáìfù fi àtẹ̀jíṣẹ́ kan ránṣẹ́ sí mi. Mo dà á kọ síbí bó ṣe wà:

"E kaale sa. E joo e ba mi wo ise asetilewa omo yii boya asise wa nibe, aaro ola ni won fe gba a. 1. Mo ra bata titun ni ana. 2. Awon egbon mi njeun ni ule. 3. Oluko so wipe ki a ka iwe wa. 4. Mi o ri eiye naa mo. 5. Enia pupo wa ni oja oba. E se sa."

Iyán wà níwájú mi nígbà náà. Mo kà á lẹ́ẹ̀kan, mo sì dá a lóhùn pé, "Ilé ni kí ó kọ, kì í ṣe ulé. Ìyókù dára." Kò tó ìṣẹ́jú kan tí mo fi ṣe gbogbo rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ẹtì, fọ́tò ìwé náà dé. Méjì lórí mẹ́wàá. Gbólóhùn kẹta nìkan ni tísà fa ìlà "ó tọ́" sí. Ohun tí ìyá ọmọ kọ sábẹ́ fọ́tò náà ni, "Sa, se eyi ni e ni o dara?" Kò bínú, kò bú mi, èyí gan-an ló sì ń dùn mí.

Inú fọ́tò yẹn ni mo ti rí ohun tí àtẹ̀jíṣẹ́ kò fi hàn mí. Ọmọ náà kọ "Mo rà bàtà", pẹ̀lú àmì lórí rà, àmọ́ kò fi àmì sórí "ka" nínú ẹ̀kẹta àti "o" nínú ẹ̀kẹrin. Báírò ẹlòmíràn sì wà lórí ìwé rẹ̀: wọ́n fagi lé "ẹyẹ", wọ́n kọ "ẹiyẹ" sí i, wọ́n fagi lé "Ènìyàn", wọ́n kọ "Enia". Nígbà tí mo béèrè, wọ́n ní bàbá àgbà ọmọ náà ló bá a tún un ṣe kí wọ́n tó fi ránṣẹ́ sí mi.

Ìbéèrè mi méjì rèé. Nínú márùn-ún yìí, èwo ni àṣìṣe lóòótọ́? Kí sì ni kí n kọ sí ìyá yìí?

Kọ́láÌkẹ́rẹ́

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má dá ara yín lẹ́bi rárá. Àwọn tísà ìsinsìnyí ló ń fi máàkì du ọmọ. Ọmọ tèmi náà, ìdáhùn ìṣirò rẹ̀ tọ́, wọ́n ní torí pé kò kọ bó ṣe débẹ̀, wọ́n fún un ní òdo. Mo gbéra lọ bá hẹdimásítà lọ́jọ́ kejì. Ẹ ní kí ìyá yẹn lọ bá wọn níbẹ̀, ẹ óò rí i pé wọ́n á tún un máàkì.

TísàAdó

Kọ́lá, o ṣeun, àmọ́ kì í ṣe pé mo fẹ́ bá tísà náà jà. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá èmi ni mo ṣì í.

ÀdùnníÌkọ̀lé

Tísà, ẹ kú iṣẹ́. Yorùbá ni mò ń kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ girama. Kí n tó dá yín lóhùn, ẹ tún fọ́tò yẹn wò. Kí ni ìbéèrè tí wọ́n kọ sókè ìwé ọmọ náà?

TísàAdó

Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́, mi ò tilẹ̀ wo apá ibẹ̀. "Kọ gbólóhùn márùn-ún nípa ohun tí o rí ní àyíká rẹ. Fi àmì ohùn tó yẹ sí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan."

ÀdùnníÌkọ̀lé

Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Àmì ohùn ni wọ́n fẹ́ yẹ̀ wò, àmì ohùn ọ̀hún ni kò sì sí nínú ohun tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí yín. Ìyá ọmọ tẹ̀ ẹ́ láìsí àmì kankan, bí púpọ̀ nínú wa ṣe ń tẹ̀ ẹ́ lórí Wásáàpù. Nígbà tí ẹ rí "Mo ra bata", ẹ ti bá a fi àmì tó tọ́ sí i lọ́kàn kí ẹ tó kà á tán. Ẹni tó gbọ́ Yorùbá láti kékeré kì í ka ohun tí wọ́n tẹ̀, ohun tó mọ̀ pé wọ́n fẹ́ sọ ló máa ń kà. Nítorí náà, bí ẹ tilẹ̀ fi wákàtí kan wo àtẹ̀jíṣẹ́ yẹn, ẹ ò lè rí àṣìṣe àkọ́kọ́. Púpọ̀ nínú àwọn yòókù lẹ ìbá rí.

Ẹ jẹ́ kí n mú "Mo rà bàtà", torí òun ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn. Àṣìṣe ọmọ tó fetí sílẹ̀ ni. Bí ẹ bá ṣí ìwé atúmọ̀ èdè, "rà" lẹ máa bá níbẹ̀ pẹ̀lú àmì ìsàlẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí tísà rẹ̀ ti kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sójú pátákó nígbà tí wọ́n ń ka ọ̀rọ̀-ìṣe: rà, kà, gbà, tà. Ọmọ náà há a sórí, ó sì gbé e wọ inú gbólóhùn bó ṣe wà. Àmọ́ irú ọ̀rọ̀-ìṣe kúkúrú bẹ́ẹ̀, tó bá ní ohùn ìsàlẹ̀, tí ọ̀rọ̀-orúkọ sì wá tẹ̀ lé e, ohùn rẹ̀ máa ń gòkè sí àárín, àmì ò sì ní sí lórí rẹ̀ mọ́. Mo ra bàtà. Mo ka ìwé. Wọ́n gba owó. Ìyá mi ta ẹran. Bó bá jẹ́ arọ́pò-orúkọ ló tẹ̀ lé e ńkọ́? Á padà sí ìsàlẹ̀ rẹ̀: mo rà á, mo kà á, wọ́n gbà á, ó tà á.

Ẹ wá wo gbólóhùn kẹta ọmọ kan náà: "kí a ka ìwé wa". Kò fi àmì sórí "ka" níbẹ̀, ó sì tọ́. Ẹnu rẹ̀ mọ òfin náà, ọwọ́ rẹ̀ ni kò tíì mọ̀ ọ́n.

Bí ẹ bá fẹ́ kí ó rí i fúnra rẹ̀, ẹ ní kó fi dò-re-mí pe ohun tó kọ. Bí a ṣe ń sọ ọ́ ni re re dò dò. Bí òun ṣe kọ ọ́ ni re dò dò dò. Ẹ ní kó pe méjèèjì sókè. Ó máa rẹ́rìn-ín, torí kò sí ẹni tó ń sọ èkejì yẹn ní gbogbo Adó.

BàbáÌdó

Ẹ kú ìmọ̀, ìyáàfin. Tísà àná lèmi náà, mo ti fẹ̀yìn tì. Èyí tí ẹ sọ nípa rà yẹn dára, mo gbà á. Ṣùgbọ́n n kò gbà pé bàbá àgbà ọmọ náà ṣe àṣìṣe kankan. Nínú Bíbélì Mímọ́ tí wọ́n fi kọ́ wa ní ìwé kíkà, "enia" ló wà níbẹ̀, "aiye" ló wà níbẹ̀, "ẹiyẹ" ló wà níbẹ̀. Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ kì í ṣe púrúǹtù. Ta ló wá sọ pé ohun tí Bíbélì kọ kò tọ́? Kí ẹ sì tó débẹ̀, ọmọ náà kọ "titun". Titun ni ojúlówó. "Tuntun" tí gbogbo yín ń kọ yìí, ìdọ̀tí ni.

ÀdùnníÌkọ̀lé

Bàbá, ẹ ṣeun, ẹ kú àgbà. Titun tọ́, mo bá yín gbà á. Tuntun náà tọ́, sà. Èyí tó bá wu ọmọ ni kó kọ, bí kò bá ṣáà ti máa pààrọ̀ wọn nínú iṣẹ́ kan ṣoṣo.

Ní ti enia àti ẹiyẹ, bàbá àgbà ò kọ ìkọkúkọ. Ohun tí wọ́n fi kọ́ ọ nígbà tirẹ̀ ló kọ. Àkọtọ́ inú Bíbélì yẹn ti pẹ́: 1875 ni wọ́n ṣe ìpàdé lórí rẹ̀ ní Èkó, odindi Bíbélì sì jáde ní 1884. Láti nǹkan bí 1966 ni àwọn ìgbìmọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í tún un yẹ̀ wò, ìgbà tó sì di 1974, ìjọba fọwọ́ sí èyí tí a ń pè ní àkọtọ́ òde òní. Òun ni wọ́n fi ń kọ́ ọmọ ní ilé-ìwé, òun náà ni wọ́n fi ń máàkì ìdánwò. Bàbá tó ti jáde ilé-ìwé kí ọdún 1974 tó dé, kò sí ẹni tó wá ilé rẹ̀ wá láti sọ fún un.

Ohun tí wọ́n tún ṣe kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ fáàrí. Ẹ pàtẹ́wọ́ sí ẹyẹ bí ẹ ṣe ń pè é: ẹ-yẹ, ẹ̀ẹ̀mejì. Bí ẹ bá ka ti àtijọ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́, ẹ-i-yẹ, ó ti di ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. A ò pe i yẹn, nítorí náà wọ́n yọ ọ́ kúrò. Bí aiye ṣe di ayé nìyẹn. Ti enia yàtọ̀ díẹ̀. Ibẹ̀, ohun tí a ń pè ni kò sí lórí ìwé: è-nì-yàn, a gbọ́ y, a sì gbọ́ ohùn imú níparí rẹ̀, àkọtọ́ àtijọ́ ò kọ èyíkéyìí nínú wọn.

Ẹ tún kíyè sí i pé bàbá ò fi àmì ohùn kankan sórí Enia tó kọ, ìbéèrè sì ní kí wọ́n fi sí i. Bí tísà ò bá tilẹ̀ ka àkọtọ́ sí, ó ṣì máa yọ máàkì níbẹ̀.

TísàAdó

Ìyẹn ló jọ mí lójú jù. "Eiye" àti "Enia" wà nínú àtẹ̀jíṣẹ́ yẹn gbangba, kò nílò àmì kó tó hàn. Bíbélì àtijọ́ náà lèmi ń kà láràárọ̀. Ojú mi ti mọ́ wọn, ni mo ṣe kọjá lórí wọn.

ỌmọÌfàkì

Ẹ̀yin àgbà, ẹ jẹ́ kí á dé orí ulé. Ta ló ní àṣìṣe ni? Ní ilé wa, ulé ni, ugi ni, uṣu ni. Ọmọ Èkìtì tó kọ ulé, ohun tó gbọ́ lẹ́nu ìyá rẹ̀ ló kọ. Ìlú Èkìtì ni ó wà, ẹ tún wá ń fi báírò pupa lé èdè kúrò lẹ́nu rẹ̀. Tó bá yá, ẹ ó máa sunkún pé àwọn ọmọ wa ò gbọ́ Èkìtì mọ́.

ÀdùnníÌkọ̀lé

Àbúrò, ọmọ Èkìtì lèmi náà, ulé lèmi náà ń pè é bí mo bá ti dé ọ̀dọ̀ màmá mi. N kò ní fi àmì "kò tọ́" sí i bí ọmọ bá ń kọ ìtàn, tí ìyá àgbà inú ìtàn náà sì ní "ẹ wá sí ulé". Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí wọ́n fún un yìí, Yorùbá àjùmọ̀lò ni wọ́n fẹ́, òun náà ló sì fi kọ gbogbo ìyókù. Ohun kan rọrùn níbẹ̀ fún òbí: nínú Yorùbá àjùmọ̀lò, ọ̀rọ̀ kì í fi u bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá ti rí ọ̀rọ̀ tó fi u bẹ̀rẹ̀ nínú ìwé ọmọ, ẹ̀ka-èdè ilé ló wọlé síbẹ̀, ẹ wá i tó yẹ kó wà níbẹ̀. Uṣu di iṣu, ugi di igi.

Níbi tí mo ti bá ọ gbà ni pé "àṣìṣe" kọ́ ni kí Tísà pè é fún ọmọ náà. Kó ní, "Bí a ṣe ń sọ ọ́ nílé nìyí, bí a ṣe ń kọ ọ́ ní ilé-ìwé nìyí."

ỌmọÌfàkì

Tí báírò pupa bá ti kàn án, ohun yòówù kí ẹ pè é, àṣìṣe ni ọmọ máa gbọ́.

TísàAdó

Ọ̀rọ̀ yín ń yé mi. Àmọ́ ọmọ náà yí ulé sí ilé bí mo ṣe ní, mo rí i nínú fọ́tò, tísà sì tún fi "kò tọ́" sí gbólóhùn kejì. "Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ńjẹun ní ilé." Kí ló kù níbẹ̀?

ÀdùnníÌkọ̀lé

Ó so "ń" mọ́ jẹun. Nínú àkọtọ́ òde òní, "ń" tó ń fi hàn pé iṣẹ́ náà ṣì ń lọ lọ́wọ́ máa ń dá dúró: ń jẹun, ń lọ, ń sùn. Àtijọ́ ni wọ́n máa ń so ó pọ̀. Bóyá ọwọ́ bàbá àgbà náà ló tún débẹ̀, bóyá ọmọ fúnra rẹ̀ ni. Ẹ wo báírò tó wà lórí rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin náà, lẹ́yìn ẹyẹ, ó tún ní tirẹ̀. "Mi o rí" ló kọ, kò fi àmì sórí o. "Kò" ni ọ̀rọ̀ náà tẹ́lẹ̀, a gé e kúrú sí "ò", ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e: mi ò rí. Bí ẹ bá yọ àmì yẹn, "o rí" tó kù níbẹ̀, ìwọ lo rí ni. Èmi a máa ní kí àwọn ọmọ mi kọ "n kò rí" tàbí "èmi kò rí" nínú ìdánwò, torí "mi ò" jọ ọ̀rọ̀ ẹnu létí àwọn kan tó ń máàkì. Tísà mìíràn á gba "mi ò" láìjanpata.

BàbáÌdó

N kò rí. Ìyẹn ni Yorùbá.

ÀdùnníÌkọ̀lé

Ẹ̀karùn-ún, kí bàbá tó fọwọ́ kàn án, fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní àléébù kankan. "Ènìyàn púpọ̀ wà ní ọjà ọba." Bó bá jẹ́ Ọjà Ọba Adó ni ọmọ náà ní lọ́kàn, lẹ́tà ńlá ló yẹ kó fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ méjèèjì, orúkọ ibi kan ni. Ṣé tísà fa ìlà sí i?

TísàAdó

Kò fa ìlà síbẹ̀. Enia nìkan ló fa ìlà sábẹ́ rẹ̀. Kò sì fa ohunkóhun sábẹ́ "ní àná" nínú ti àkọ́kọ́.

ÀdùnníÌkọ̀lé

"Ní àná" ò ní wàhálà. Bí a ṣe ń sọ ọ́ ni lánàá, àmọ́ ẹni tó bá kọ ọ́ ní kíkún kò ṣẹ̀.

Ó wá ku ẹ̀kẹta, èyí tí tísà gbà wọlé. Èmi kì bá tí gbà á. "Olùkọ́ sọ wípé." Wí fúnra rẹ̀, sísọ ni. Bí o bá kọ "sọ wípé", o ti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Olùkọ́ sọ pé. Tàbí olùkọ́ wí pé, kí wọ́n sì yà á sọ́tọ̀, wí àti pé.

Kọ́láÌkẹ́rẹ́

Ìyáàfin, gbogbo àwọn tó ń ka ìròyìn lórí rédíò ló ń pè é bẹ́ẹ̀. "Gómìnà sọ wípé." Ṣé gbogbo wọn ni kò gbọ́ Yorùbá ni?

ÀdùnníÌkọ̀lé

Wọ́n gbọ́ ọ dáadáa. Ó ti wọ ẹnu àwọn ènìyàn, mo mọ̀. Èmi kàn ń sọ ohun tí mo máa fa ìlà sí ni. Tísà ọmọ yìí ò fà á, ó sì ní ẹ̀tọ́ sí i.

ÌyáÌbejì_Basírì

Ẹ jọ̀ọ́, òbí lèmi, mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín bọ̀ láti òwúrọ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí lọ́dọ̀ wa. Nígbà tí mo bá bi tísà lẹ́sìnnì pé "bóyá àṣìṣe wà níbẹ̀", aago mẹ́sàn-án ti lù, iná ti lọ, àwọn ọmọ méjèèjì ti ń tòògbé, mo sì tún fẹ́ lọ aṣọ ilé-ìwé wọn. Mi ò fẹ́ kí ẹ kọ́ mi ní ọ̀rọ̀-ìṣe lákòókò yẹn. Mo fẹ́ mọ̀ pé ó wà tàbí kò sí, àti pé ìlà wo ló wà. Bí ẹ bá kọ̀wé gùn sí mi, mi ò ní kà á tán, màá kàn ní kí ọmọ lọ sùn.

Ohun kejì ni pé mi ò mọ bí a ṣe ń tẹ àmì lórí fóònù. Bí ẹ bá fẹ́ rí àmì, ẹ sọ fún mi pé kí n ya fọ́tò. Fọ́tò yá mi lára ju títẹ̀ lọ.

ÀdùnníÌkọ̀lé

Ẹ ṣeun gan-an, Ìyá Ìbejì. Ìdáhùn Tísà gan-an lẹ ti sọ yẹn. Bó bá jẹ́ èmi ni lálẹ́ Ọjọ́rú ọ̀hún, ohun tí màá kọ́kọ́ tẹ̀ ni: "Ẹ ya fọ́tò ojú ìwé náà fún mi, kí ìbéèrè wà nínú rẹ̀." Bí fọ́tò bá dé, màá wá dáhùn báyìí: "Bẹ́ẹ̀ ni, àṣìṣe wà. Kó wo ìlà 1, ọ̀rọ̀ kejì. Ìlà 2, ọ̀rọ̀ kẹrin àti èyí tó gbẹ̀yìn. Ìlà 3, ọ̀rọ̀ kẹta. Ìlà 4, ọ̀rọ̀ kejì àti ìkẹrin. Ìlà 5, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́." Mi ò ní kọ èyí tó tọ́ síbẹ̀. Ọmọ ló ni iṣẹ́ náà. Bí mo bá kọ ọ́, ìwé yóò mọ́, Ọjọ́bọ̀ á dé, á tún kọ "mo rà ìwé".

TísàAdó

Ibí yìí ni n kò ti bá yín lọ tán. Ọmọ ọdún mẹ́wàá, aago mẹ́sàn-án àbọ̀ alẹ́, ẹ ní kó wá ohun tó burú nínú "rà" fúnra rẹ̀? Tísà ìṣirò bí èmi gan-an ò mọ ìdí rẹ̀ kí ẹ tó sọ ọ́. Á kàn fi àmì òkè sí i ni, á di "rá".

ÀdùnníÌkọ̀lé

Òótọ́ ni. Ti rà yẹn nìkan, ẹ fi dò-re-mí kún un. Ìyókù, á rí wọn.

ÌyáÌbejì_Basírì

Ti bàbá àgbà ńkọ́? Ta ni yóò sọ fún wọn? Bí ọkọ mi bá gbọ́ pé mo ní kí bàbá rẹ̀ yé tún iṣẹ́ ọmọ ṣe, ogun ni.

BàbáÌdó

Ẹ má ní kí ó yé. Ẹ ní kí ó máa gbọ́ ọ bí ọmọ bá ń kà á sókè, kí ó máa sọ bóyá ó dún bí Yorùbá létí. Etí wa kò tíì darúgbó. Báírò ni kí ẹ gbà lọ́wọ́ wa.

TísàAdó

Mo ti fi èsì ránṣẹ́ ní ìrọ̀lẹ́ yìí. Ohun tí mo kọ rèé, fúnra mi ni mo tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú àmì, mo fi èdè Yorùbá sórí Gboard, mo sì fi nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá tẹ̀ ẹ́:

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, mà. Èmi ni mo kánjú lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ẹ má bínú. Àmì ni wọ́n ń wò nínú iṣẹ́ náà, àmì kò sì sí nínú àtẹ̀jíṣẹ́, ó yẹ kí n ti béèrè fọ́tò. Àwọn kan hàn láìsí àmì, mo sì fojú fò wọ́n. Ènìyàn àti ẹyẹ tí ọmọ kọ́kọ́ kọ tọ́, kó máa kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ní ilé-ìwé. Ti bàbá jẹ́ àkọtọ́ àtijọ́, kì í ṣe pé wọn ò mọ̀wé. Kó wo ìlà 1, ọ̀rọ̀ kejì, kó fi dò-re-mí pè é bó ṣe kọ ọ́ àti bó ṣe ń sọ ọ́. Mo ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé, màá jókòó tì í lórí ìyókù."

Ìyá ọmọ dáhùn lẹ́yìn wákàtí kan: "Ko si wahala sa. O ti n pe e kiri ile, re do do do, egbon re ni ko pa enu mo. Baba ni ki n bi yin, se aye ni won n ko ni Bibeli tuntun bayii?"

Mo lọ wo èyí tó wà lọ́wọ́ mi, aiye ṣì ni. Ẹni tó bá ní ẹ̀dà tí wọ́n tẹ̀ láìpẹ́, ẹ bá mi wò ó.

BàbáÌdó

Màá wò ó láàárọ̀. Kí tísà ọmọ yẹn náà lọ yẹ "sọ wípé" wò o. Máàkì méjì tó fún un níbẹ̀, n kò gbà á.

Kọ́láÌkẹ́rẹ́

Bàbá, ẹ fi méjì yẹn sílẹ̀ fún ọmọ o. Òun nìkan ló rí mú.